Ìgò Àárọ̀, Ìgò Ìrọ̀lẹ́

Láti ọjọ́ tí Safiyat ti wọlé ọkọ wa ni ara ti ń fu mí sí i. N kò sọ pé ó ṣe mí níbi rí. Àmọ́ ìyàwó tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ìyálé láàárọ̀ kùtùkùtù, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lèmi fi ń wò ó.

Ní ọdún 1994 ni àrùn rọpárọsẹ̀ fọwọ́ ba Alhaji Sàláwù, ọkọ wa. Ẹnu rẹ̀ ti bọ̀ sípò, ó sì ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbé kò lọ. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún bójú tó àkókò reluwé ní Ọ̀fà wá ń bi mí bóyá òun ti jẹun. Dókítà ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́. Ó ní bí àìsàn náà bá tún kọ lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó lè gbé e lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sùn.

Abdulganiyu, àkọ́bí mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́. Aago wà nínú rẹ̀. Bí aago méje bá lù, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á ké jẹ́jẹ́ bí òròmọdìẹ. Bí a kò bá tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀, á tún ké lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, á sì máa ké bẹ́ẹ̀ lọ láìbínú. Ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, pé oògùn ti wọnú, ló tó ń dákẹ́ di àkókò mìíràn. Safiyat gba àárọ̀, èmi gba ìrọ̀lẹ́.

Oṣù kan kọjá, ẹ̀jẹ̀ kò wálẹ̀. Roseline, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Alhaji, di ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó mi orí.

"Ṣé wọ́n ń lo oògùn yìí dáadáa báyìí?" ló bi wá.

Mo wo Safiyat. Mo ti ń gbọ́ àpótí náà láàárọ̀ láti inú yàrá mi. Á ké lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Kò ké lẹ́ẹ̀kejì rí. Ta ló ń yára mu oògùn bẹ́ẹ̀, nígbà tí Alhaji máa ń pẹ́ kó tó la ẹnu? Mo sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé bọ́tìnnì nìkan lọmọ yìí ń tẹ̀.

Mo fa Roseline sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mo ní kó bá mi ka hóró méje sínú ìgò rọ́bà kan fún àárọ̀, méje sínú òmíràn fún ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fẹ́ fi mú olè. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, inú mi ń dùn bí ẹni tó dẹ pańpẹ́ sílẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn láti yẹ ìgò tèmi wò.

Ọjọ́ kẹjọ, Roseline da ìgò àárọ̀ sórí tábìlì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó da ti ìrọ̀lẹ́. Hóró márùn-ún yí jáde.

Mo yíjú sí Alhaji. "Baba Gàníyù, ẹ kì í lo oògùn yín nírọ̀lẹ́ ni?"

"Mo ń lò ó," ló dáhùn. "Bí mo bá ti gbọ́ tó ké tó sì dákẹ́, mo mọ̀ pé mo ti lò ó nìyẹn. Ṣebí ìwọ lo máa ń tẹ̀ ẹ́."

Èmi ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni ìrun Màgàríbì máa ń bọ́ sí lásìkò náà. N kò fẹ́ kí nǹkan máa ké mọ́ wa létí lórí ìrun, nítorí náà, bí àpótí bá ti dún, màá tẹ̀ ẹ́, màá ní bí a bá kírun tán, màá fún un ní hóró rẹ̀. Bí a bá wá ṣe tán, ọbẹ̀ wà lórí iná, àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà, àpótí kò sì ní rán mi létí mọ́, nítorí mo ti sọ fún un pé ọkọ mi ti lo oògùn.

Roseline gbé bírò rẹ̀. "Ta ló ń mójú tó ti ìrọ̀lẹ́?"

Safiyat kò gbójú sókè. Ó rọra ní, "Àwa méjèèjì ni, Mà. A máa tún un ṣe."

Ó ti mọ̀ pé òun ni mo torí rẹ̀ dẹ pańpẹ́, síbẹ̀ ó fẹ́ bá mi pín in. Ojú tì mí ju bí ì bá ṣe tì mí ká ní ó bú mi lọ.

"Nọ́ọ̀sì, irọ́ ló ń pa nítorí mi," ni mo wí. "Èmi nìkan ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ pé kí Safiyat gba ti ìrọ̀lẹ́ náà lọ́wọ́ mi."