Ilẹ̀kùn Tí Kò Ní Wú

Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ há mọ́ ìyá Rodiat nílé rẹ̀ ní Lásunwọ̀n, Rodiat ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó. Omi gbígbóná ni ìyá náà fi máa ń wẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó ń ro ó. Ó wẹ̀ tán, ó fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há, ooru omi gbígbóná náà mú un, ó ṣubú, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí aládùúgbò kan tó gbọ́, tó fi àáké la ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọsibítù dá a sílẹ̀, Tàófíìkì, àbúrò Rodiat, gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Rodiat ránṣẹ́ pe Dáúdà, káfíńtà tó ti fá etí ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ń há.

"Fífá tí mo fá a gan-an ló dá kún un, Àǹtí," ni Dáúdà wí, kò lè wojú rẹ̀. Ó gbé àfọ́kù ilẹ̀kùn náà kan sókè. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ti là bí ìwé tó bọ́ sómi. "Púláíwúùdù ni. Ibi tí mo fá tí n kò kùn lọ́dà, ibẹ̀ ló ti ń mumi. Ínjì tó so ó mọ́ férémù náà dógùn-ún, ilẹ̀kùn wá sọ̀ sínú férémù. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín."

"Èwo ni kò ní wú?"

"Oníke, tàbí alumíníọ̀mù, tòun ti férémù rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó máa ṣí síta. Bí èèyàn bá ṣubú sẹ́yìn rẹ̀, a ṣì lè wọlé."

Wọ́n jọ lọ sí ìsọ̀. Ọlọ́jà kó ínjì tó ń dán bíi wúrà síwájú wọn. Dáúdà fi òòfà kàn án, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́.

"Irin lásán tí wọ́n kùn ni. Ooru omi á jẹ ẹ́."

Òmíràn wà tí òòfà kò fà rárá. Ìyẹn ni wọ́n mú, pẹ̀lú síkúrúù irú kan náà, torí bí síkúrúù bá dógùn-ún, ínjì tó dáa kò ní ibi tó máa dúró sí. Ilẹ̀kùn oníke ni Rodiat yàn.

Lọ́jọ́ Sátidé ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n fi tapólì ya igun kan fún un láti máa wẹ̀.

"Màmá, ilẹ̀kùn tuntun ti parí o. Ìka kan lẹ máa fi ṣí i. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"O ṣeun, ọmọ mi." Ìyá náà ń wo ilẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé orúkọ rẹ ni mò ń pè nínú balùwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Rodiat jókòó tì í.

"N kò tún ní wọ balùwẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn mọ́ láyé mi."

"A ó ṣí i sílẹ̀, Màmá. A kò ní tì í."

Ìyá náà mi orí pé òun kò lọ. Nígbà tí Rodiat dìde, ìyá rẹ̀ ní kó kó àwọn aṣọ òun tó kù ní Lásunwọ̀n wá bó bá tún ń bọ̀. Rodiat ní òun ti gbọ́.