Ìṣápá Tí Mo Fi Kán-ún Sí

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Bàbá Mojeed, ọkọ mi, ṣì wà láyé. Ràsáàkì lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n èmi ò pè é rí. Àpọ́nlé, àbúrò wọn obìnrin, náà ṣì wà, ó ṣì máa ń gun ọ̀kadà láti Otu wá bá wa l'Ókàkà lọ́jọ́ Jímọ̀, kó lè wá bú mi pé ọbẹ̀ mi ò níyọ̀. Igi òrí ẹ̀yìnkùlé wa ṣì ń so. Bàbá Ládòkun, ẹ̀gbọ́n wọn, nìkan ni ò sí mọ́.

Ikú Bàbá Ládòkun ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló bá wọn jà. Dókítà fún wọn ní oògùn oníhóró, wọ́n ń lò ó. Ni ikọ́ gbígbẹ bá dé. Wọ́n ń hú u lóko, wọ́n ń hú u lórí ìrun. Nígbà tó sú wọn, wọ́n da oògùn náà sí ṣálángá, wọn ò sì sọ fẹ́nì kan. Ikọ́ náà lọ lóòótọ́. Oṣù kẹrin ẹ̀, rọpárọsẹ̀ dé. Ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi wà láìlè pe orúkọ ọmọ kankan nínú àwọn ọmọ wọn, Bàbá Mojeed ló sì ń fi ṣíbí bọ́ wọn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Fàrídà, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa, wọn ẹ̀jẹ̀ Bàbá Mojeed tó ní ó ti di 148 lórí 94, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mi ò gbé oògùn kankan mì o. Mo ti rí èyí tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi."

Fàrídà ò bá wọn jà. Ó ní, "Bàbá, tiyín ò tíì ga jù. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ tún máa mu ìṣápá pupa, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sóbò, láìfi ṣúgà sí i. Àwọn tó ti dán an wò rí i pé ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fún yín. Bí kò bá wálẹ̀, oògùn ni o."

Ó wá kọ́jú sí mi, ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa ṣe é. Ẹ̀kúnwọ́ kan èèpo rẹ̀ tó ti gbẹ, omi gbígbóná lé e lórí, kí n bò ó títí yóò fi pọ́n dáadáa, kí n sẹ́ ẹ. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́.

Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí a padà lọ, ó ti di 139. Inú gbogbo wa dùn, àfi eyín Bàbá Mojeed.

"Àdìjátù, ṣé o fẹ́ fi nǹkan yìí bó mi lẹ́nu ni? Ó kan ju ọ̀rọ̀ àna lọ."

"Ẹ mu ún bẹ́ẹ̀. Ṣúgà ò sí."

"Ìyá mi náà ń se ìṣápá. Tìyá mi kì í kan."

Gbólóhùn yẹn ló dùn mí. Ta ni kò mọ ìṣápá sè? Ìṣápá ọbẹ̀, kán-ún là ń fi bọ̀ ọ́, a ó da omi àkọ́kọ́ nù, kíkan ẹ̀ á sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo bu kán-ún sí ti sóbò náà, mo gbé e kaná, ó hó. Omi pupa náà dúdú lójú mi báyìí, ó dà bí omi aró ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bàbá Mojeed tọ́ ọ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyàwó ti dé!"

Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń yìn mí fún gbogbo ẹni tó bá yà wá kí wọn. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ wọn di 147. Fàrídà wò mí.

"Màmá, ṣé bí mo ṣe ní kí ẹ ṣe é lẹ ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Irọ́ ni mo pa. Ọjọ́ orí mi ti kọjá èyí tí ọmọdé yóò ti máa kọ́ mi ní ìṣápá sísè.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó di 153. Fàrídà pa ìwé dé. "Ìṣápá ò ràn yín, Bàbá. Ó di oògùn."

"Kí n wá máa húkọ́ bíi Bàbá Ládòkun? Ó tán. Mi ò mu ìṣápá mọ́, mi ò sì lo oògùn. Ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni kó ṣe."

Wọ́n dìde, wọ́n gba ilé lọ. Lálẹ́ yẹn wọ́n jẹun dáadáa. Èmi ń wo ẹnu wọn bó ṣe ń jẹ. Ó gún régé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rọ sóbò tó kù sínú ìgò, mo gbé e tọ Fàrídà lọ. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Màmá, kí lèyí? Pupa ẹ̀ dà?"

"Kán-ún ló mu ún."

Ó jókòó. Kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló ká mi lára jù. Ó ní pupa yẹn gan-an là ń wá. Nǹkan kan wà tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, bí irin tó wà nílẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan wà nínú ara tó dà bí alágbẹ̀dẹ. Òun ni í rọ irin yẹn di ohun tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Bí iṣan bá fún, ẹ̀jẹ̀ á máa fi agbára kọjá. Ó jọ pé àwọ̀ pupa inú ìṣápá máa ń di ọwọ́ alágbẹ̀dẹ náà mú díẹ̀, ni iṣan á bá dẹ̀.

"Bí ẹ bá fi kán-ún sí i, tí ẹ tún sè é, pupa yẹn á bàjẹ́. Kán-ún fúnra ẹ̀, ọmọ ìyá iyọ̀ ni. Nǹkan tó ń gbé e sókè lẹ fi rọ́pò èyí tó ń fà á wálẹ̀."

Mo bi í léèrè ikọ́ Bàbá Ládòkun.

"Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ yẹn kan náà ni oògùn wọn ń dì mú, tiẹ̀ sì le gan-an ju ti ìṣápá lọ. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ náà ní iṣẹ́ kejì: ó ń palẹ̀ nǹkan kan mọ́ tó máa ń rin ọ̀fun. Bí a bá dì í lọ́wọ́, nǹkan náà lè ṣẹ́ jọ, ẹlòmíì á sì máa húkọ́. Ká ní wọ́n wá sọ fún wa ni, à bá pààrọ̀ ẹ̀. Oògùn mìíràn wà tí kì í kan alágbẹ̀dẹ yẹn rárá."

Mo lọ sílé, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá Mojeed.

"Àdìjátù, o fẹ́ fi adùn pa mí."

"Ẹ̀yin lẹ ní ó kan."

"Ó kan náà ni. Lọ bu kíkan ẹ̀ wá."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn pé, ó ti di 137 lórí 87. Fàrídà ní ká má tíì jó, pé agbára ìṣápá ní ibi tó mọ, pé ọjọ́ ogbó ṣì ń bọ̀, tí yóò tún gbé ẹ̀jẹ̀ náà sókè. Òótọ́ ló sọ. Lọ́dún kẹrin, ó gòkè kọjá 160, ìṣápá ò sì ká a mọ́. Ó fún wọn ní oògùn tí kì í fa ikọ́. Wọ́n gbà á láìjà. Kí oògùn tó dé ọ̀fun wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kọ́kọ́ bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, "Ṣé kì í ṣe ti Bàbá Ládòkun?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n tún lò lẹ́yìn kán-ún mi. Àpọ́nlé ti kú nígbà náà. Ìjì ti wó igi òrí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nígbà ọyẹ́, ìṣápá pupa wà lórí ẹní lágbàlá, mò ń ṣa kóró kúrò nínú èèpo. Ara wọn ti ń rẹ̀ wọ́n bọ̀ láti ọjọ́ bíi mélòó kan, ti ogbó ni. Wọ́n ní kí n bu sóbò wá. Mo gbé ife sí wọn lẹ́nu, wọ́n mu díẹ̀.

"Àdìjátù, ó ṣì kan."

Ọ̀rọ̀ náà já gaara, ó yé mi látòkèdélẹ̀. Mo gbé ife sílẹ̀ kí n lè nù wọ́n lẹ́nu. Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti lọ.