Ewé Kejì Ń Lọ sí Suva

Inú ti ń bí Vasemaca kí ó tó mú bíírò, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìbínú náà kan bébà. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní òtẹ́ẹ̀lì etí òkun náà, níwájú ìlú Sigatoka díẹ̀, òun sì ni olórí àwọn tó ń tọ́jú yàrá. Bí àlejò bá ṣubú, bí omi gbígbóná bá bó àlejò lọ́wọ́, òun ló ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó mọ òfin fọ́ọ̀mù náà bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Kọ ohun tí ojú rẹ rí. Kọ ohun tí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí o sì dárúkọ rẹ̀. Má kọ ohun tí o rò. Má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, má sì dá ẹnikẹ́ni láre, nítorí ẹjọ́ dídá kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé.

Ó ti fi okùn ìwọ̀n wọn ilẹ̀. Ó ti ya fọ́tò mẹ́rin. Ó ti sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé kí wọ́n tọ́jú àwòrán kámẹ́rà àárọ̀ náà. Ó wá kọ ọ́ báyìí:

«Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún àárọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kejì. Mo bá Ìyáàfin Doreen Whitlock ní ìjókòó nílẹ̀. Ó ní òun yọ̀ ni. Omi wà níwájú ẹ̀rọ yìnyín, ó gùn tó mítà kan. Àmì aláwọ̀ ìyeyè tó ń kìlọ̀ pé ilẹ̀ tutù wà ní mítà méjì sí omi náà. Ẹ wo fọ́tò kejì. Kelera Naivalu, òṣìṣẹ́, ní òun rí omi, òun gbé àmì síbẹ̀, òun sì lọ mú ìnulẹ̀ wá. Ó ní nígbà tí òun padà, obìnrin náà ti wà nílẹ̀, òun sì sọ fún un pé, ‹Vosota, madam.› Ìyáàfin Whitlock ní, ‹Mi ò rí omi yẹn.› Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú. Nọ́ọ̀sì wò ó. Ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀.»

Kò kọ ọ́ pé ẹ̀rọ yìnyín ló jò. Ó rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí omi ti jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ẹ̀rọ náà sùn nínú ìwé àtúnṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé yẹn sì wà ní àyè tirẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè yóò rí i.

Ọ̀gbẹ́ni Craig Pelham, máníjà tó ti Brisbane, ìlú òyìnbó, wá ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ka fọ́ọ̀mù náà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì jù ú sórí tábìlì.

«Vase, ìwé yìí kò sọ ẹni tó jẹ̀bi.»

«Kò gbọdọ̀ sọ ọ́, ọ̀gá.»

«Ọmọ yẹn ti jẹ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ ti obìnrin náà, ó ń wí pé vosota, vosota. Ọkọ obìnrin náà gbọ́ ọ. Ta ló ń bẹ ènìyàn láìṣẹ̀ é?»

«Gbogbo wa ni, ọ̀gá. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ kọ níbi báyìí, màá sọ vosota fún yín, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo gbé òkúta síbẹ̀.»

Vosota tí wọ́n fi ń tọrọ àforíjì níbẹ̀ náà ni wọ́n fi ń sọ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti sọ pẹ̀lẹ́ fún arìnrìn-àjò tó kọsẹ̀ rí yóò mọ ohun tí Vasemaca ń wí. Máníjà kò mọ̀ ọ́n. Ó ti bébà mìíràn sí i, èyí tó ti fúnra rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀: «Òṣìṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nu ilẹ̀ tán, kò sì gbé àmì kankan kalẹ̀. Ó ti jẹ́wọ́ pé òun jáfara.»

«Fọwọ́ sí i.»

Vasemaca kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kelera kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò. Bí ìwé yìí bá dúró, ilé ló ń lọ. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé ọmọ náà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìtún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí, ó ń wá orí ọlọ́rí tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ lé.

«Ọ̀gá, ta ló gba Kelera síṣẹ́?»

«Ìbéèrè wo nìyẹn?»

«Òtẹ́ẹ̀lì ló gbà á. Bí ẹ bá kọ pé òṣìṣẹ́ yín jáfara lẹ́nu iṣẹ́ yín, òtẹ́ẹ̀lì lẹ kọ pé ó jáfara. Ẹ rò pé ọmọ náà lẹ fà lé àlejò náà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ara yín ni.»

«Má kọ́ mi níṣẹ́ mi.»

«Mi ò kọ́ yín, ọ̀gá. Àmọ́ mi ò ní fọwọ́ sí ohun tí ojú mi ò rí.»

«Nígbà náà, èmi yóò fọwọ́ sí i. Kí ọmọ yẹn máa lọ sílé títí n ó fi pè é.» Ó fa fọ́ọ̀mù Vasemaca ya kúrò nínú ìwé, ó sì sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

«Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín o,» ni Vasemaca wí bó ti ń dìde. «Ewé mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tẹ́ ẹ mú ni àkọ́kọ́. Ewé kejì ń lọ sí Suva, sọ́dọ̀ lọ́yà àwọn adójútòfò, pẹ̀lú fọ́tò, nínú àpò lẹ́tà ìrọ̀lẹ́ yìí, bó ṣe máa ń lọ.»

Máníjà ti gbé fóònù sétí. Ó fi ọwọ́ júwe ilẹ̀kùn fún un.

Ọjọ́ kẹta ni lọ́yà náà, Ìyáàfin Sushila Prakash, pè láti Suva, olú ìlú wọn. Ó ní kí Vasemaca wà níbẹ̀ pẹ̀lú máníjà, kí wọ́n ṣí ohùn fóònù sókè.

«Ìwé méjì ló dé ọ̀dọ̀ mi lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó yọ̀,» ni lọ́yà wí. «Ọ̀kan ní kò sí àmì. Èkejì ní ó wà, ó sì fi fọ́tò tì í. Mo ti wo kámẹ́rà. Ọmọbìnrin náà gbé àmì kalẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Obìnrin náà ṣubú ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Kò sẹ́ni tó nulẹ̀ rárá. Ọ̀gbẹ́ni Pelham, ṣé ẹ wà níbẹ̀?»

«Rárá. Wọ́n sọ fún mi ni.»

«Ta ló sọ fún yín pé ó jẹ́wọ́?»

«Ọkọ obìnrin náà gbọ́ ọ tó ń wí pé vosota.»

«Obìnrin yẹn kò tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa,» ni lọ́yà wí, «ẹ ti ń bá a kọ ẹjọ́ rẹ̀. Irọ́ tún ni ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ má fa ìwé yín ya, ẹ má sì ṣe àtúnṣe kankan sí i; n ó mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ fi gbogbo ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ yìnyín ránṣẹ́ sí mi, kí ewé kankan má dín. Ọmọ yẹn dà?»

«Ó wà nílé,» ni Vasemaca dáhùn. «Wọ́n ní kó máa lọ.»

«Nítorí kí ni?»

Máníjà ní kí Vasemaca pè é padà.

Kelera padà síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Máníjà kò bẹ̀ ẹ́. Dípò ẹ̀bẹ̀, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ní ilé ìdáná, ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ vosota fún àlejò tó bá ṣubú. Àwọn alásè wo ara wọn. Ọ̀kan béèrè bóyá àwọn lè sọ ọ́ fún àlejò tó dúró ṣánṣán, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn tó wà lẹ́yìn.

Vasemaca kò rẹ́rìn-ín. Kelera bá a lójú àtẹ̀gùn, ó gbé ìnulẹ̀ lọ́wọ́.

«Nei,» ni ó wí, bí ọmọ ṣe ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. «Bí ẹlòmíì bá ṣubú ńkọ́? Ṣé kí n kàn dúró máa wò ó ni?»

«Sọ vosota rẹ. Bá a jókòó kí ara rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o pè mí, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́.»

«Ọ̀gá ńkọ́?»

«Bó bá wà níbẹ̀, n ó kọ ohun tí òun náà bá sọ.»

Ní àjà kejì, àwọn alátùn-únṣe ti tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìnyín palẹ̀. Kelera gbé àmì aláwọ̀ ìyeyè méjì lọ síbẹ̀, ọ̀kan níwájú wọn, ọ̀kan lẹ́yìn wọn. Vasemaca wo aago, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.