Ẹni Tó Ń Lé Oníbàárà

Igba agolo ìpara ló tò sórí pẹpẹ nínú yàrá tí Onípara sọ di ibi iṣẹ́. Kò fi èròjà tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ sí i, nítorí náà, bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí wọn ò tà, dídànù ni. Òun náà á sì fi ìtìjú padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ti kọ̀wé fi sílẹ̀.

Èèyàn méjì ni òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ní kó bá àwọn polówó lórí fóònù. Arẹwà ni èkíní, tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Èkejì ni Tíṣà, olùkọ́ tí awọ ara rẹ̀ máa ń gbẹ. Tirẹ̀ ò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Ìkánjú ni ò jẹ́ kí wọ́n ronú, kóòdù ẹ̀dínwó kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì, débi pé wọn ò lè mọ ẹni tó mú oníbàárà kọ̀ọ̀kan wá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àádóje agolo ti lọ. Inú Onípara dùn dẹ́yìn. Ó ní ta ló tún kù bí kò ṣe Arẹwà, ó sì mú bírò láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn oṣù mẹ́fà tí ìyẹn fi ránṣẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn tó rà á ná,” ni àbúrò wí.

Lábẹ́ fídíò Arẹwà, àwòrán ọkàn àti “o rẹwà” ló kún ibẹ̀. Ìwọ̀nba tó béèrè ìpara, ìlú tí ọjà wọn ò lè dé ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Àmọ́ nínú àwọn tó rà á, ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ń sọ pé àwọn ti kọ́kọ́ fi díẹ̀ sẹ́yìn etí fún ọjọ́ kan láti wò ó bóyá á yún àwọn. Tíṣà nìkan ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mọ́kàndínlógún ti padà wá rà á lẹ́ẹ̀kejì.

Onípara wá lọ sójú ìwé Tíṣà. Ọ̀ọ́dúnrún ìbéèrè, gbogbo rẹ̀ ló dáhùn. Ìyá kan ya fọ́tò ìgúnpá ọmọ rẹ̀ tó ti dégbò ránṣẹ́, Tíṣà ní kó má ra ìpara, kó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹnu ya Onípara. Obìnrin yìí ń lé oníbàárà, síbẹ̀ ṣe ni wọ́n ń wọ́ tẹ̀lé e, àwọn tí kò rí i rí láyé! Ó ka ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ó pa ìwé Arẹwà tì, ó pe Tíṣà, ó ní kó wá bá àwọn polówó ọṣẹ tuntun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, pé kóòdù tirẹ̀ á yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

“Ẹ fi ọṣẹ náà ránṣẹ́ ná, mà,” ni Tíṣà dáhùn. “Màá fi ọ̀sẹ̀ méjì lò ó. Tó bá yún mi lára, màá sọ fún wọn o.”

Onípara wo ọṣẹ tó wà lórí tábìlì. Ọjọ́ méjì péré lòun fúnra rẹ̀ ti fi í wẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì kí n tó fi ránṣẹ́,” ló sọ. “Èmi ni màá kọ́kọ́ lò ó.”