Aṣọ Tí Ìyá Fẹ́ Rí

Ara Ìyá Ọ̀ṣuntọ́lá kò yá mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ojú àwọn rí aṣọ òkè tí wọn yóò fi sin àwọn.

Ògúnlàdé, ahunṣọ Erúnmú, ní ṣílè mẹ́wàá ni òun yóò gbà, tòwú taró. Ahunṣọ kan ní Àkànrán ní òun yóò gba mẹ́jọ.

Fárìndé ọmọ wọn sọ fún Àbíkẹ́ àbúrò rẹ̀, tó fara mọ́ Ògúnlàdé, pé, “Àkànrán là ń lọ. Àbí Ògúnlàdé ti fún ọ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀?”

Àbíkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Òwú ló ń ran tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú ìyá kò jẹ́ kó ráyè mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣílè méje ni òwú aṣọ tó tóbi tó yẹn. Aró jẹ́ méjì. Ẹni tó gba mẹ́jọ, kí ni yóò fi hun ún? Òwú ni yóò jí, aṣọ yóò sì fúyẹ́.”

Fárìndé gbà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Ògúnlàdé. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò jẹ́ kí Àbíkẹ́ sinmi. Ṣílè kan ló kù nínú mẹ́wàá fún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ sísì, ìdajì ṣílè, ni alágbàṣe ń gbà lójúmọ́. Ó lọ bá Ògúnlàdé nídìí òfì.

“Bàbá, owó iṣẹ́ yín dà?”

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. “Ìyá rẹ ló bọ́ mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ṣílè kan yẹn, epo fìtílà ni.”

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ìyá fọwọ́ wọn aṣọ náà. Wọ́n ní ó wúwo dáadáa.