Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Sàlàkọ́

Káfíńtà ni Sàlàkọ́ ní Igando, alágídí èèyàn sì ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí inú rírun kọ́kọ́ dá a dúbúlẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ọsibítù kékeré kan ní Ìkòtún ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dókítà Yẹ́misí kò fi bò fún un. Sìgá ti fa HDL rẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn ọ̀rá rere tó ń kó ọ̀rá tó pọ̀ jù kúrò nínú iṣan. Àmujù ọtí sì ti mú kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ máa da ọ̀rá mìíràn tí wọ́n ń pè ní tiraigilisẹ́ráìdì sínú ẹ̀jẹ̀, títí omi ojú ẹ̀jẹ̀ náà fi funfun bí omi ògì. Òun ló mú kí ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù rẹ̀ wú, tí inú fi ń run ún.

"Bí èyí bá tún dé, a lè má rí yín gbà padà," ni dókítà wí.

Sàlàkọ́ di Kùránì mú níwájú Àdíját ìyàwó rẹ̀: kò sí sìgá mọ́, kò sí ọtí mọ́. Ó ń bínú sí ìṣó, ó ń bínú sí pákó, ṣùgbọ́n kò dé ilé ọtí mọ́. Àdíját náà kò káwọ́ gbera. Ó wá àgbo tó ń fọ ọ̀rá lọ sí Shasha, ó ń bù ú fún un láàárọ̀ àti lálẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n padà lọ ṣe àyẹ̀wò.

"HDL yín ti gòkè díẹ̀," ni dókítà wí. "Mo gbà pé ẹ ti jáwọ́ nínú sìgá. Ṣùgbọ́n tiraigilisẹ́ráìdì kò yẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí èèyàn bá fi ọtí sílẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló yẹ kó ti wálẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣì ń mutí, sà."

"Mi ò mu ún! Wàláì, mi ò mu ún!"

Ẹni tó ti ń purọ́ tipẹ́ pé òun ti fi ọtí sílẹ̀, ta ló ń gba òtítọ́ rẹ̀ gbọ́? Nígbà tí wọ́n délé, Àdíját fa báàgì yọ.

"Bàbá Hamdalah, ẹ fi Kùránì búra fún mi! Mi ò ní dúró máa wò yín kí ẹ pa ara yín, jàre."

Sàlàkọ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Síbẹ̀, àánú kì í tán nínú obìnrin: kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá bu àgbo fún un.

Kò pẹ́ tó mu ún tán tí inú rírun náà dé. Ó ká kò, ó ń bì, ó ń lọgun. Àdíját ju báàgì sílẹ̀, ó gbé e dé Ìkòtún.

"Kí ló mu?" ni dókítà bi í.

"Àgbo nìkan ni, mà."

"Kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?"

"Ògógóró ni. Ṣùgbọ́n oògùn ni, kì í ṣe ọtí."

"Ọtí ni, Ìyá Hamdalah. Ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ pé ewé wà nínú rẹ̀."

Àdíját jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ já gaara.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọtí! Ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn ẹ̀ ni?"

"Mo gbọ́ ọ," ni Sàlàkọ́ wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo bù ú fún mi, Àdíját. Mo ní o ò lè fún mi ní ohun tó máa pa mí."