Eyín Bóòtù Inú Fọ́tò

Láti ìgbà tí Ermek ọmọ mi ti kú, Kanyshai ìyàwó rẹ̀ ló ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nínú kọntéínà wa ní ọjà ìlú Osh. Èmi kàn ń jókòó tì í ni, mo ń bu tíì. Toktosun, tí kọntéínà tirẹ̀ kọjú sí tiwa, ti ń bẹ̀ mí pé kí n yọ̀ǹda tiwa fún òun. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn gbà pé obìnrin lè ta epo àti wáípà, kò lè ta ẹ̀yà abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí Kanyshai fi búréèkì tí kò bá ọkọ̀ oníbàárà mu ránṣẹ́, mo sọ fún un pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, màá gbé kọntéínà náà fún Toktosun. Ó tẹrí ba.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Sadyr, awakọ̀ kan ní Sary-Mogol lórí òkè, fi fọ́tò ránṣẹ́ sí fóònù Kanyshai. Lówà áàmù ni, irin títẹ̀ tó di táyà iwájú mú. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, bóòtù orí rẹ̀ nà sókè, ó sì fi ṣíbí tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká lè mọ bó ṣe gùn tó. Rọ́bà rẹ̀ ti ya, ìpẹtà sì ti jẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ tán.

Kanyshai bi í pé ẹ̀gbẹ́ wo ni. Ohùn Sadyr dé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀: "Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni, àbúrò mi. Ẹ fi í sínú bọ́ọ̀sì òní. Orí òkè ni mo gùn kí n tó rí nẹ́tíwọọ̀kì, mo ti ń sọ̀kalẹ̀ báyìí, ẹ ò ní rí mi bá sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọkọ̀ Sadyr wá láti Japan, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, níbi tí awakọ̀ ń jókòó. Toktosun ti dé ẹnu ọ̀nà wa, ife tíì lọ́wọ́.

"Bí àwọn ará òkè bá ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, òsì ni wọ́n ń wí," ó ní. "Níbikíbi tí sítíárìn bá wà. Ẹ sì wo ibi tí irin yẹn tẹ̀ sí. Ti òsì ni. Afọ́jú á rí i."

Kanyshai gbé ti òsì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó fi ṣíbí tiwa tì í. Gígùn wọn dọ́gba, wọ́n tẹ̀ sí ibì kan náà bí ìbejì. Ọkàn mi balẹ̀. Ó ti mú páálí tó fẹ́ fi wé e, ló bá dúró. Ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà.

"Ata," ó ní, bó ṣe máa ń pe èmi bàbá ọkọ rẹ̀, "ẹ wo eyín bóòtù yìí, ibi tí nọ́ọ̀tù ń gùn. Apá ibo ló ń gùn sí?"

Mo gbé awò ojú mi wọ̀. "Ó ń lọ sókè sápá òsì."

"Ẹ wá wo ti ọwọ́ mi."

Ti ọwọ́ rẹ̀ ń gun apá ọ̀tún. Ó gbé irin ti ọ̀tún sílẹ̀ láti orí pẹpẹ: apá ọ̀tún náà ni tirẹ̀ ń gùn.

"Kò sí èyí tó ń gun òsì nínú wọn," ó ní. "Fọ́tò yìí ló yí padà, bíi pé inú dígí la ti ń wò ó. Irin tó dà bí ti òsì yìí, ti ọ̀tún ni."

Toktosun rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, Bàbá. Ó ti di dókítà fọ́tò. Ìyàwó wa, fi méjèèjì ránṣẹ́, kí ara tù wá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá fi méjì ránṣẹ́ kò mọ èyí tó jẹ́."

Bọ́ọ̀sì ti ń fọn fèrè. Kanyshai kò gbé nǹkan kan. Èmi ló ń wò, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí. Mo tún wo fọ́tò náà, mo wo bóòtù, mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún gíríìsì.

"Wé ti ọ̀tún," ni mo wí.

Mi ò gbádùn oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Sadyr pè, Kanyshai sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa gbọ́.

"Ó wọlé wẹ́rẹ́, àbúrò mi. Mo ti ń kó èrò bọ̀."

"Báwo lẹ ṣe ya fọ́tò yẹn?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù mi ti fọ́. Ti iwájú tí a fi ń ya ara ẹni ni mo fi yà á. Ṣé kò ríran dáadáa ni?"

"Ó ríran," Kanyshai ní. "Ó kàn yí i padà bíi dígí ni."

Toktosun gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ọ̀rọ̀ kọntéínà yẹn ńkọ́?"

"Bi ẹni tó ni ín," mo dá a lóhùn, mo sì bu tíì fún ìyàwó ọmọ mi kí n tó bu tèmi.